Wáyà àti òpó iná lójú ọ̀run ọyẹ́: èwo nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí ló máa yọ ọ́ láìsọ ojú ọ̀run di aṣọ òfì?

Tẹ́ ẹ bá dúró lójú ọ̀nà Ìlọrin nígbà ọyẹ́, nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí i pé ojú ọ̀run Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní ìkùukùu kankan. Eruku ti bò ó, ó kàn ń yí díẹ̀díẹ̀ láti búlúù tó ṣú lókè, wá sí àwọ̀ eérú, wá sí àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, títí á fi pọ́n rúsúrúsú níbi tó ti kan orí igi kajú àti máńgòrò. Ó rẹwà gan-an ni. Àmọ́ ibi yòówù kẹ́ ẹ kọjú kámẹ́rà sí, wáyà iná á gba ibẹ̀ kọjá, òpó á sì dúró gbọnrangandan sí àárín.

Bàbá kan ní kí n ya oko òun tó wà lọ́nà yẹn, wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀, ínǹṣì 36 níbùú, 24 lóòró. Wáyà mẹ́ta àti òpó kan ló wà lójú ọ̀run fọ́tò náà. Mo yọ gbogbo ẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo wò ó, ó mọ́ tóní, mo fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó dé, Bàbá tẹjú mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, wọ́n wá sọ pé, "Ọmọ mi, òpó ti lọ lóòótọ́, àmọ́ mo ṣì ń rí ibi tó dúró sí."

Wọ́n sì jàre. Níbi tí òpó wà tẹ́lẹ̀, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ to orí ara wọn látòkè délẹ̀, bí ìlà ara òfì, tí ojú ọ̀run tó kù lọ́tùn-ún lósì sì dán mọ́ra. Ohun táwa onífọ́tò ń pè ní báńdìn nìyẹn. Owó ara mi ni mo fi tún un tẹ̀, látìgbà yẹn sì ni mo ti fara balẹ̀ dán àwọn ọ̀nà tó wà wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lórí fọ́tò kan náà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fa ìlà yẹn, torí ibẹ̀ la ti máa mọ ohun tá a fẹ́ fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò JPEG máa ń fi nọ́ńbà 0 sí 255 ka ìmọ́lẹ̀ àwọ̀, ìyẹn ìpele 256 péré fún pupa, 256 fún àwọ̀ ewé, 256 fún búlúù. Fọ́tò Bàbá jẹ́ píksẹ́lì 6000 níbùú, 4000 lóòró, ojú ọ̀run nìkan gba 2400 nínú òòró yẹn. Nígbà tí mo wọn búlúù ẹ̀ láti òkè pátápátá dé orí igi, ìpele 60 péré ló fi yí. Ẹ pín 2400 sí ọ̀nà 60, ìpele kan á máa gba píksẹ́lì 40 kó tó bọ́ sí èkejì, tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí ínǹṣì 36, píksẹ́lì 40 yẹn máa tó mìlímítà 6. Ojú lásán á rí mìlímítà 6 láti orí àga pálọ̀.

Kí ló wá dé tí gbogbo ojú ọ̀run tó kù ò fi di ìlà? Hóró ni. Kò sí kámẹ́rà tó ń ya ojú ọ̀run kó dán borobo, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa ń mì díẹ̀, èyí á lé, èyí á dín, tẹ́ ẹ bá fà á súnmọ́ ẹ máa rí i bí iyanrìn kíkúnná. Níbi tí ìpele 140 ti fẹ́ di 141, hóró yìí á jẹ́ kí 140 àti 141 dà pọ̀ mọ́ra wọn, tí ojú ò fi ní rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbà téèyàn da iyanrìn sórí àtẹ̀gùn títí tí ò fi dà bí àtẹ̀gùn mọ́. Irinṣẹ́ tí mo fi yọ òpó yẹn ti nu iyanrìn kúrò, àtẹ̀gùn wá yọ.

Torí náà ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù lọ fún mi nígbà tí mo bá ń fi ọ̀nà kan wé èkejì. Àkọ́kọ́, ṣé ó fún wa ní ìpele tó pọ̀ láti fi ṣiṣẹ́? Ìyẹn ni pé ṣé a lè ṣe é ní bíìtì 16, níbi tí ìpele ti lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún dípò 256. Èkejì, ṣé hóró ibi tá a tún ṣe máa bá ti àyíká ẹ̀ mu? Lẹ́yìn ìyẹn la tó lè bèèrè bí ohun tá a fẹ́ yọ ṣe sanra tó àti ohun tó fara kàn, torí wáyà tó gba àárín ojú ọ̀run kọjá àti òpó tó wọnú igi máńgòrò kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Owó àti àkókò náà wà níbẹ̀, Nẹ́pà ò sì jẹ́ kéèyàn gbàgbé ìyẹn, tó bá jẹ́ pé bátìrì wákàtí kan àbọ̀ lẹ ní, ọ̀nà tó ń gba wákàtí méjì ò wúlò fún yín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Hóró yìí, èèyàn lè wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú nìkan díwọ̀n ẹ̀. Nínú Photoshop ẹ lọ sí `Window > Histogram`, ẹ sọ ọ́ di `Expanded View`, ẹ wá fi selection kékeré, bíi píksẹ́lì 60 sí 60, sórí ojú ọ̀run tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `Std Dev`, ìyẹn ló ń sọ bí píksẹ́lì ṣe ń mì tó. Ẹ wá gbé selection yẹn lọ síbi tẹ́ ẹ ti tún ṣe, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Nínú fọ́tò Bàbá, ojú ọ̀run gidi jẹ́ 2.1, ibi tí òpó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 0.5. Kí n tó fi owó tẹ fọ́tò ni ǹ bá ti rí ìyẹn ká ní mo mọ̀ ọ́n. GIMP náà ní tiẹ̀, ẹ wá a sí `Windows > Dockable Dialogs > Histogram`.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ nọ́ńbà ni pé sikírìnì láptọ́ọ̀pù wa púpọ̀ máa ń fi báńdìn tí ò sí nínú fọ́tò han èèyàn, ó sì máa ń fi èyí tó wà pa mọ́ nígbà míì. Ẹ máa wo fọ́tò ní 100% tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì gbé léyà `Curves` kan sórí gbogbo ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ fa ìlà ẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ojú ọ̀run á burú rẹ́kẹrẹ̀kẹ, ohun tá a sì fẹ́ nìyẹn, gbogbo ibi tí ọwọ́ yín ti kàn tí ò bá àyíká mu á jáde síta. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tán, ẹ pa léyà yẹn rẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Snapseed ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù ló sì wà. Ẹ ṣí fọ́tò, ẹ lọ sí `Tools`, ẹ mú `Healing`. Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni pé búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kì í yí ìwọ̀n padà fúnra ẹ̀, fọ́tò lẹ máa fà súnmọ́, bẹ́ ẹ bá ṣe fà á súnmọ́ tó ni ìka yín á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó lórí ẹ̀. Ẹ fà á títí wáyà á fi sanra bí ìka ọwọ́ yín, ẹ wá máa rọra pa á rẹ́ ní ègé kéékèèké, ẹ má fa ìlà gígùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ègé gígùn ló máa ń lọ mú nǹkan látibòmíì wá. Fún wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dá wà lójú ọ̀run, ó ń ṣe dáadáa. Fún òpó, ó máa ń ri ewé igi mọ́ ojú ọ̀run, mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Ohun kan wà nípa fóònù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Fóònù fúnra ẹ̀ ti máa ń nu hóró kúrò nígbà tó bá ń ya fọ́tò, pàápàá nírọ̀lẹ́, torí náà ó ṣeé ṣe kí báńdìn ti wà nínú fọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò tí ẹ ò tíì tún ṣe. Tí ìlà bá ti wà níbẹ̀, ẹ lè fi `Grainy Film` dá hóró díẹ̀ padà sí gbogbo fọ́tò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà tán, kó má sì pọ̀ rárá. Gbogbo fọ́tò ló máa kàn o, kì í ṣe ojú ọ̀run nìkan. Ó dáa fún fọ́tò tí wọ́n máa wò lórí fóònù, àmọ́ ẹ ò lè wọn nǹkan kan níbẹ̀, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá hóró ọ̀tún àti tòsì bára mu.

Ọ̀nà kejì ni búrọ́ọ̀ṣì tó ń wonisàn, èyí tí Photoshop ń pè ní `Spot Healing Brush` àti `Healing Brush`, GIMP ń pè é ní `Heal`, Lightroom náà ní `Heal`. Látọdún 2002, nígbà tí Photoshop 7 jáde, ni `Healing Brush` ti wà, ìdí tó sì fi dáa fún ojú ọ̀run ni bó ṣe ń ronú. Kì í kàn bu àwọ̀ látibòmíì wá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Hóró ló ń bù wá, ó wá ń wo àwọ̀ tó wà létí ibi tẹ́ ẹ kùn, lókè àti nísàlẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ yẹn ṣàn wọ àárín. Wáyà tó sanra píksẹ́lì 8 péré, etí méjèèjì ẹ̀ súnmọ́ra gan-an, àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, kò síbi tí àṣìṣe ti fẹ́ rí àyè wọlé.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń ṣí RAW, ìyẹn fáìlì bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an kó tó di JPEG, mo máa ń gbé e wọlé ní bíìtì 16. Tó bá jẹ́ JPEG ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣì lọ sí `Image > Mode > 16 Bits/Channel`, kò lè dá ìpele tó ti sọnù padà, àmọ́ kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tún ba ìyókù jẹ́. Nínú GIMP 2.10, `Image > Precision` lẹ máa wá a sí. Ẹ wá ṣí léyà tuntun tó ṣófo, ẹ mú `Spot Healing Brush`, ẹ tẹ `Sample All Layers`, kí búrọ́ọ̀ṣì yín má ju wáyà lọ púpọ̀. Wáyà píksẹ́lì 8, búrọ́ọ̀ṣì 12 tàbí 14 ti tó, torí bó bá ṣe fẹ̀ sí i ni etí á ṣe jìnnà síra sí i. Wáyà kì í na tọ́ọ́rọ́, ó máa ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín òpó méjì, torí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ níbì kan, ẹ di `Shift` mú, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí píksẹ́lì 200 síwájú, búrọ́ọ̀ṣì á fa ìlà tó tọ́ láàárín méjèèjì, ẹ ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí. Wáyà mẹ́ta inú fọ́tò Bàbá ò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, `Std Dev` ẹ̀ sì jẹ́ 1.9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2.1. Kò sẹ́ni tó lè rí ìyàtọ̀ yẹn.

Ibi tó ti ń kùnà ni ibi tí wáyà ti wọnú igi tàbí tó ti kan orí ilé. Ẹ rántí pé etí ló ń wò, tí etí kan bá jẹ́ ojú ọ̀run tí èkejì jẹ́ ewé dúdú, dúdú ewé á ṣàn wọ ojú ọ̀run, ẹ máa rí i bí èéfín tó ń jáde látorí igi. Mo máa ń dúró ní nǹkan bí píksẹ́lì 20 kí n tó dé igi, mo máa ń fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀nà kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún òpó, torí òpó fọ́tò yìí sanra tó píksẹ́lì 70, búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju 100 lọ kó tó bò ó, àwọ̀ tó ṣàn láti etí jíjìnnà bẹ́ẹ̀ á sì máa ṣe àbààwọ́n. Kí n lè yọ àbààwọ́n yẹn kúrò ni mo ṣe ń kun orí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti tún un kùn ni hóró ń dín kù, bó ṣe di 0.5 nìyẹn.

Ní ti owó, GIMP ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Photoshop àti Lightroom ń gba owó lóṣooṣù. Lightroom ní àǹfààní kan tó dùn mọ́ mi, orí RAW gan-an ló ń ṣiṣẹ́, kò sì ń pa fọ́tò lára, ó kàn ń kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sílẹ̀ ni, ẹ lè padà sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ tí ègé wáyà bá ti ń lọ sí ogójì àádọ́ta, láptọ́ọ̀pù tí ò lágbára á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, ẹ máa fa búrọ́ọ̀ṣì, ẹ máa dúró kó tó dáhùn.

`Clone Stamp` ni ọ̀nà kẹta, òun ló sì rọrùn jù láti lóye, ó kàn ń da ibì kan kọ sí ibòmíì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, hóró àti àwọ̀ pọ̀. Torí pé ó ń da hóró kọ, báńdìn kì í sábà tara ẹ̀ wá. Wàhálà tiẹ̀ ni àwọ̀. Kì í tún àwọ̀ ṣe, torí náà tẹ́ ẹ bá bu ojú ọ̀run tó fi píksẹ́lì 80 wà lókè wáyà, ẹ ti gbé ìpele méjì tó yàtọ̀ wá síbẹ̀, á hàn bí téépù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ lẹ ti gbọ́dọ̀ bù ú, kì í ṣe òkè, ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bá ti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe dọ́gba. Tí oòrùn bá wà nínú fọ́tò tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó dọ́gba ò ní lọ tọ́ọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ká yí oòrùn po bí ìlà inú àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì, ẹ tẹ̀ lé bó ṣe ká.

Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń kọ́ `Clone Stamp` ni ọ̀rọ̀ etí búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa la máa ń lo búrọ́ọ̀ṣì tí etí ẹ̀ rọ̀ gan-an, torí a rò pé ó máa dà pọ̀ dáadáa. Ní etí rírọ̀ yẹn, ìdajì hóró àtijọ́ àti ìdajì hóró tuntun ló ń pàdé, tí hóró méjì tí ò bára tan bá sì pàdé lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń pa ara wọn kù, mímì wọn á dín tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ wá fojú inú wo ìlà gígùn kan tí hóró ti dín kù yí ibi tẹ́ ẹ tún ṣe ká. Èmi máa ń fi `Hardness` sí 60 sí 80 lójú ọ̀run, nígbà tí àwọ̀ bá ti bára mu, etí líle kì í hàn nínú hóró. Fún ibi tí wáyà ti wọnú ewé, kò sí ohun tó dà bíi `Clone Stamp`, búrọ́ọ̀ṣì kékeré, `Hardness` 80, ẹ bu ewé sórí ewé, ẹ bu ojú ọ̀run sójú ọ̀run. Àmọ́ kéèyàn fi yọ wáyà gígùn mẹ́ta látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó máa gba wákàtí kan ó lé, ọwọ́ á ro èèyàn.

Ó wá ku òpó, òun ló sì gbé mi dé ọ̀nà kẹrin, ìyẹn kéèyàn tún ojú ọ̀run yẹn mọ látìbẹ̀rẹ̀ níbi tí òpó dúró sí. Ọ̀nà yìí ló gba sùúrù jù, òun ló sì gba fọ́tò Bàbá là, torí náà ẹ jẹ́ n rìn ín pẹ̀lú yín bí mo ṣe ṣe é.

Mo kọ́kọ́ parí gbogbo àtúnṣe ìmọ́lẹ̀, pàápàá `Dehaze`, torí ọyẹ́ ò jẹ́ kí fọ́tò mọ́, gbogbo wa la sì ń fà á. `Dehaze` ń na ìpele jìnnà síra ni. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ yọ òpó kẹ́ ẹ tó fà á, ohun tó bára mu tẹ́lẹ̀ ò ní bára mu mọ́, àṣìṣe ìpele kan á di méjì, di mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn mo da léyà kọ ní bíìtì 16, mo lo `Spot Healing Brush` láti fi pa òpó náà rẹ́ lórí ẹ̀dà yẹn, láìbìkítà àbààwọ́n rárá. Mo wá lọ sí `Filter > Blur > Gaussian Blur`, mo fi sí píksẹ́lì 30. Àbààwọ́n yọ́ pátá, ojú ọ̀run ẹ̀dà náà wá dán bí ojú omi. Tó bá jẹ́ bíìtì 8 lẹ ṣe èyí ní, ibí gan-an lẹ máa ti rí òfì, torí kò sí hóró, ìpele 256 péré ló sì wà láti fi ya ohun tó dán bẹ́ẹ̀.

Mo fi másìkì dúdú bo ẹ̀dà yẹn, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tó fẹ̀ tó 110, `Hardness` 50, ṣí ojú ọ̀nà òpó nìkan sílẹ̀. Ẹ má ṣí i dé orí igi o. `Gaussian Blur` máa ń fa dúdú igi gòkè wọ ojú ọ̀run, torí náà mo dúró ní píksẹ́lì 100 sókè orí igi, mo fi `Clone Stamp` parí ìyókù. Nínú òpó tó ga ní píksẹ́lì 900, ẹ rí i pé 100 péré ni mo fọwọ́ ṣe.

Ó wá ku hóró. Mo lọ sí `Filter > Noise > Add Noise` lórí ẹ̀dà yẹn, mo mú `Gaussian`, mo tẹ `Monochromatic` torí ohun tó ṣí RAW ti nu hóró aláwọ̀ kúrò nínú fọ́tò tẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, mo ń gòkè. Hóró tí `Add Noise` ń ṣe máa ń mú ju ti kámẹ́rà lọ, píksẹ́lì kan kan ló ń mì dá, ti kámẹ́rà máa ń ṣù díẹ̀ mọ́ra. Torí náà mo jẹ́ kí `Std Dev` kọjá 2.1 dáadáa, mo wá tún fi `Gaussian Blur` 0.5 rọ̀ ọ́, nọ́ńbà sì wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é, mo ń fi `Ctrl+Z` padà, kó tó di 2.1 géérégé. Ìgbà tí mo gbé `Curves` tó dúró ṣánṣán yẹn sórí ẹ̀, mi ò rí ibi tí òpó wà mọ́. Gbogbo ẹ̀ gbà mí tó ìṣẹ́jú àádọ́ta.

Ẹ ṣọ́ra nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, torí JPEG tí wọ́n fún pọ̀ jù máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó kúnná nù, hóró sì ni ohun tó kúnná jù nínú ojú ọ̀run. `Quality` 11 tàbí 12 ni mo fi ń ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, tàbí TIFF tí wọ́n bá gbà á. Tó bá jẹ́ Wátsáàpù lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á tún un fún pọ̀, gbogbo hóró tẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú àádọ́ta tò sí i á lọ. Tí `Std Dev` ojú ọ̀run yín bá ti tó 1 sókè lórí 255, ẹ lè sọ ọ́ di bíìtì 8 láìbẹ̀rù, hóró yẹn á bo àtẹ̀gùn mọ́lẹ̀. Ẹ má tún wá fi ohun tó ń nu hóró kọjá lórí ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ta ló wá yẹ kó mú èwo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò, tó jẹ́ pé sítétọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ gbé e sí, tí wáyà kan tàbí méjì wà lójú ọ̀run tí ò kan igi, Snapseed ti tó yín, ẹ má lọ fowó ra nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní láptọ́ọ̀pù, tẹ́ ẹ̀ ń ya fún oníbàárà, tó sì jẹ́ wáyà nìkan ni ìṣòro yín, búrọ́ọ̀ṣì tó ń wonisàn ní bíìtì 16 ni, kẹ́ ẹ fi `Clone Stamp` kékeré parí etí igi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fọ́tò wá owó oúnjẹ, kó gbé GIMP sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, lórí wáyà, mi ò rí ohun tí Photoshop ṣe níbẹ̀ tí GIMP ò lè ṣe, ọwọ́ ló kàn máa pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ń ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò ilẹ̀ àti oko lóṣù, tó jẹ́ RAW, tí wáyà inú wọn ò pọ̀, Lightroom máa dín wàhálà ẹ̀ kù gan-an.

Òpó tó dúró sí àárín ojú ọ̀run, tí wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tóbi, ọ̀nà kẹrin ni o, kò sí àbùjá níbẹ̀. Ẹ bu àkókò yẹn mọ́ owó iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó dá oníbàárà lóhùn, wákàtí kan fún òpó kan ni mò ń kà báyìí. Tó bá sì jẹ́ fọ́tò tí wọ́n ti fi Wátsáàpù ránṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbé wá bá yín, tí òpó wà láàárín ẹ̀, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀, ìkankan nínú mẹ́rin yìí ò ní ṣe é. Ẹ rọra sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ gba fáìlì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó yà á, tí kò bá sì sí, kẹ́ ẹ lọ tún un yà lọ́yẹ̀ẹ́ tó ń bọ̀.